Ta Ló Ń Wọ Aṣọ Iléèwé Náà?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òǹkàwé àti òǹkọ̀wé sọ ní ọ̀sán Sátidé kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, nìyí, nípa ìgbà tó yẹ ká gba asọ̀tàn, ẹni tó ń sọ ìtàn nínú ìwé, gbọ́ àti ìgbà tí kò yẹ. Mo ti gé àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti ta kókó kúrò, mo sì ti fi ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé kún un.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ sì kú ooru. Mi ò ní fi àlàyé bẹ̀rẹ̀. Ìtàn kékeré kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kà fún yín. Èmi ni mo kọ ọ́, kò sì gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bàbá kan ló ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ fetí sí i bí ẹ ṣe máa fetí sí ẹnikẹ́ni tó jókòó tì yín nínú mọ́tò.

“Èmi kì í ṣe oníjà. Gbogbo àdúgbò wa nísàlẹ̀ Mápó ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣaláìsí, èmi ni mo gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, kí ilé má baà bàjẹ́. Obìnrin náà sunkún díẹ̀, bí obìnrin ṣe máa ń ṣe. Mo ní kó máa gbé yàrá ẹ̀yìn, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, torí páànù ibẹ̀ ti ṣí lápá kan. Ọdún méjì ló lò níbẹ̀, kò ráhùn lọ́jọ́ kan. Ohun kan ṣoṣo tí mo bá a wí fún ni aṣọ iléèwé tó máa ń sá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Àlejò ń wá sọ́dọ̀ mi, kò bójú mu. Lọ́jọ́ tó kó jáde, mi ò sí nílé. Àwọn ọmọkùnrin tó gbé ẹrù rẹ̀ síta, èmi kọ́ ni mo rán wọn. Títí di òní, bí mo bá pàdé rẹ̀ ní Ọjà Ọba, èmi náà ni mo máa ń kọ́kọ́ kí i. Kì í dáhùn. Bóyá etí rẹ̀ ti ń di.”

Ó tán. Ẹ̀yin tí ẹ gba bàbá yìí gbọ́, ẹ nawọ́ sókè.

(Ó tó ìdajì àwọn tó wà nínú yàrá tó nawọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọkùnrin, àwọn obìnrin sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni kan ní bàbá náà le díẹ̀, ṣùgbọ́n kò purọ́. Màmá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn, tí kò nawọ́, ló wá gbé ohùn sókè: “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń wọ aṣọ iléèwé náà?” Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́.)

Ẹ ṣé, màmá. Ohun tí mo bá wá síbi yìí nìyẹn, ẹ ti gbà á lẹ́nu mi.

Bàbá yìí kò dárúkọ ọmọ kankan. Ẹ tún un kà látòkè délẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ìyàwó ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́, páànù, àlejò, àwọn ọmọkùnrin, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ọmọ kò sí. Àmọ́ opó kì í wọ aṣọ iléèwé. Bí aṣọ iléèwé bá wà lórí okùn fún ọdún méjì, ọmọ kan ń bẹ nínú ilé tí ẹni tó ń sọ̀tàn ń rí lójoojúmọ́, tí kò sì jẹ́ kí àwa rí i.

Kí ló dé tí kò fi jẹ́ ká rí i? Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílùú yìí mọ̀ ọ́n. Nínú àṣà ogún wa, ọmọ ló ń jogún bàbá. Ìbáà jẹ́ ìdí-igi ni wọ́n fi pín in, kí wọ́n kà á ní ìyàwó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀, ìbáà jẹ́ orí-ò-jorí, kí wọ́n kà á ní ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà ni wọ́n ń kà. Nígbà tí ọmọ bá wà, àbúrò olóògbé kò lè fò ó kọjá kó lọ jókòó sórí ilé. Bí ìyàwó nìkan ló bá kù, tí kò sí ọmọ, ọ̀rọ̀ yí padà, torí pé ìyàwó kì í jogún ọkọ nínú àṣà yẹn. (Ìjà wà níbẹ̀, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.) Nítorí náà, bí ọmọ bá ti kúrò nínú ìtàn, àbúrò tó ń bójú tó ilé ẹbí ni bàbá yìí. Bí ọmọ bá wọlé padà, ilé ọmọ òrukàn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ kan lórí okùn ló ń gbé e láti ibi kan sí ibi kejì.

Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé bàbá yìí kò pa irọ́ kankan tí a lè fi ọwọ́ tọ́ka sí. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lóòótọ́. Páànù ṣí lóòótọ́. Ó ṣeé ṣe kó má sí nílé lóòótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Bí a bá ń wá asọ̀tàn tí kò ṣeé gbára lé nípa wíwá ẹni tó sọ pé ilẹ̀ ṣú nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a ò ní rí ọ̀kan nínú mẹ́wàá wọn. Ibi tí a ti ń rí wọn ni àlàfo tó wà láàárín ohun tí ẹnu wọn ń pe nǹkan àti nǹkan ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ó pe páànù tó ṣí ní atẹ́gùn. Ó pe ìdákẹ́ opó ní àìráhùn. Gbólóhùn rẹ̀ ló gbé ẹ̀rí wá, àlàyé rẹ̀ ló fẹ́ pa ẹ̀rí náà mọ́lẹ̀.

Àmì kejì: ó ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í. “Èmi kì í ṣe oníjà” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ta ló ní oníjà ni? “Èmi kọ́ ni mo rán wọn.” Àwa kò tilẹ̀ tíì mọ̀ pé wọ́n rán ẹnikẹ́ni. A gbà pé obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ni, àfi bó ṣe ń wẹ ara rẹ̀ mọ́ la tó mọ̀ pé ṣe ni wọ́n gbé ẹrù síta. Ẹni tó bá ń sọ̀tàn bí ẹni tó ń rojọ́, ó ti ń gbọ́ ohùn olùpẹ̀jọ́ kan tí àwa kò gbọ́. Iṣẹ́ òǹkàwé ni láti wá ohun tí olùpẹ̀jọ́ náà ń sọ.

Ìkíni ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Yorùbá lè kà á kọjá. Obìnrin tó fẹ́ ẹ̀gbọ́n, ọkọ ló ń pe àbúrò náà. Òun ló yẹ kó kúnlẹ̀ kí i, kò tilẹ̀ yẹ kó dúró kí àbúrò ọkọ kọ́kọ́ kí òun. Bàbá yìí sọ fún wa, pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, pé òun lòún máa ń kọ́kọ́ kí i. Ó rò pé inúure òun ló ń fi hàn wá. Ohun tí a gbọ́ ni pé obìnrin tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé ìyá rẹ̀, nínú ọjà tí gbogbo ojú ti ń wò, kọ̀ láti dá ọkọ ilé lóhùn. Kí ni ojú rẹ̀ ti rí kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀? Bàbá ní bóyá etí rẹ̀ ti ń di. Ibẹ̀ ni èmi gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé ti fi ọwọ́ kan èjìká òǹkàwé lẹ́yìn bàbá náà.

Ọdún 1961 ni ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Wayne Booth, fún irú asọ̀tàn yìí lórúkọ, asọ̀tàn tí kò ṣeé gbára lé, tí àwọn onílámèyítọ́ ń lò káàkiri títí di òní. Òdiwọ̀n tó fi lélẹ̀ rọrùn. Kì í fi asọ̀tàn wé ayé, bí kò ṣe pé ó fi í wé ìwé tó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìwé ló ní ohun tó kà sí rere àti ohun tó kà sí ibi, yálà ó sọ ọ́ síta tàbí kò sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ àti ìṣe asọ̀tàn bá bá ohun tí ìwé náà dúró lé mu, ó ṣeé gbára lé. Bí kò bá bá a mu, kò ṣeé gbára lé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń bá ìṣòro yìí pàdé nínú ọgbọ́n ìsọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe, níbi tí “èmi” ti ń sọ̀tàn, ju ti arínúróde lọ, ìyẹn asọ̀tàn tó mọ inú gbogbo èèyàn láìsí nínú ìtàn fúnra rẹ̀. Arínúróde kò ní ara, kò ní ilé, kò ní ẹ̀gbọ́n tó kú. Kí ló fẹ́ jèrè? Ṣùgbọ́n “èmi” ní kọ́kọ́rọ́ lápò.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bàbá kan náà di olóòótọ́. Mi ò ní yí ìwà rẹ̀ padà rárá.

“Ọjọ́ kẹjọ tí ẹ̀gbọ́n mi kú ni mo gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Mo sọ fún un pé kí ilé má baà bàjẹ́ ni, èmi náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ara mi gbọ́. Mo kó òun àti ọmọ rẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé òjò ń wọ ibẹ̀. Kò ráhùn sí mi létí. Bóyá ó ráhùn sí ẹlòmíràn, mi ò bèèrè. Mi ò mọ ẹni tó rán àwọn ọmọkùnrin tó gbé ẹrù wọn síta, ṣùgbọ́n mo ti sọ lójú àwọn ọmọ tèmi pé mo nílò yàrá náà.”

Ilé kan náà, páànù kan náà, ìwà ìkà kan náà. Àwọn èèyàn máa ń rò pé asọ̀tàn olóòótọ́ ni ẹni rere. Rárá o. Olè lè jẹ́ asọ̀tàn olóòótọ́, pásítọ̀ lè jẹ́ òpùrọ́ asọ̀tàn. Ohun tó sọ bàbá kejì di olóòótọ́ ni pé ó fi ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ parí sí hàn wá. “Mi ò bèèrè.” “Mi ò mọ ẹni tó rán wọn, ṣùgbọ́n.” Bàbá àkọ́kọ́ mọ ohun gbogbo, ó mọ̀ pé opó kò ráhùn, ó mọ bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́ nínú yàrá tí kò sùn sí rí. Ẹ fura sí asọ̀tàn tó bá mọ inú ẹlòmíràn ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá bí ohun tó mọ̀ níbẹ̀ bá ń gbè é lẹ́yìn.

Ẹ wá gbọ́ ẹnì kẹta, ọmọ tó ni aṣọ náà.

“Yàrá wa tuntun ní fèrèsé sójú ọ̀run. Bí òjò bá ń rọ̀, màmá mi á gbé abọ́ mẹ́ta sílẹ̀, abọ́ kọ̀ọ̀kan á máa kọ orin tirẹ̀. Bàbá kékeré ló fún wa ní yàrá náà. Wọ́n fẹ́ràn wa gan-an.”

Ọmọ yìí kò ṣeé gbára lé lórí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ yẹn, ó ṣì í pátápátá. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa pè é ní òpùrọ́. A gba ojú rẹ̀ gbọ́, abọ́ mẹ́ta ni, kì í ṣe méjì. Òye rẹ̀ la ò gbà gbọ́, àìgbàgbọ́ yẹn sì mú ká sún mọ́ ọn sí i. Tàwa àti bàbá àkọ́kọ́ yàtọ̀. Tí a bá ti rí aṣọ iléèwé, ẹ̀yìn la máa sún sí, a ó sì padà lọ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ pẹ̀lú ojú mìíràn. Ìwọ̀nba gbólóhùn díẹ̀ la kà, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì la kà á, ìtàn tí a rí ní kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn sì ni èmi fẹ́ sọ látìbẹ̀rẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé ti díjú. Nígbà tí a kò gba asọ̀tàn gbọ́ mọ́, ìgbẹ́kẹ̀lé wa kò parẹ́, ó kàn ṣí lọ sọ́dọ̀ òǹkọ̀wé ni. A ń sọ lọ́kàn wa pé, “Ẹni tó fi aṣọ yẹn sórí okùn mọ ohun tó ń ṣe.” Òǹkàwé tó bá rò pé òǹkọ̀wé kò mọ̀, pé àṣìṣe ni aṣọ náà, á kàn pa ìwé dé.

Ìtàn kan wà nínú lítíréṣọ̀ tiwa tó fi bí nǹkan yìí ṣe lágbára tó hàn. Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Ó ti darúgbó, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó ń jẹ́wọ́ ayé tó ti jẹ sẹ́yìn kí àwọn ọmọdébìnrin lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà sí olóòtú nípa rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, àwọn kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́. Obìnrin náà kò sí. Isaac Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀, ló ń kọ lẹ́tà yẹn, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìwé ní 1930.

Kí ló mú wọn gbà á gbọ́? Àwọn àdúgbò Èkó tí wọ́n mọ̀ ni, àti orin tí wọ́n ti gbọ́ rí. Àwọn nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ ló ń ra ìgbẹ́kẹ̀lé, ìbúra kì í rà á. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn náà ni pé, lẹ́yìn tí a ti mọ̀ pé àròsọ ni, ìbéèrè mìíràn ṣì kù nílẹ̀: ṣé Sẹ̀gilọlá gan-an ṣeé gbára lé? Ó ń sunkún ìrònúpìwàdà, ṣùgbọ́n bó bá dé ibi tó ti ń sọ bí ẹwà rẹ̀ ṣe tó àti bó ṣe ń da orí àwọn ọkùnrin rú, ohùn rẹ̀ á yí padà, á dún bí ẹni tó ń jẹ àkàrà gbígbóná. Àwọn kan ní àgàbàgebè ni. Èmi kò gbà. Mo rò pé ẹkún náà jẹ́ òótọ́, adùn náà sì jẹ́ òótọ́, òun nìkan ni kò mọ̀ pé àwọn méjèèjì jọ ń jáde lẹ́nu òun. A lè gba ìròyìn rẹ̀ gbọ́, ká má gba ìdájọ́ rẹ̀ lórí ara rẹ̀. Ó wà láàárín bàbá wa yìí àti ọmọ aláṣọ iléèwé.

Ìṣọ́ra wà o. Nígbà tí èèyàn bá kọ́kọ́ kọ́ ọgbọ́n yìí, gbogbo asọ̀tàn ló máa ń dà bí òpùrọ́ lójú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ fún mi pé Àkàrà-ògùn, ọdẹ tó ń sọ̀tàn nínú ìwé Fágúnwà ti 1938, kò ṣeé gbára lé torí pé ó ní òun bá iwin jà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ìwé yẹn, iwin wà, igbó náà wà, kò sí ohunkóhun nínú ìwé tó ń ta ko ọdẹ náà. Ohun ìyanu kì í ṣe irọ́.

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ àṣà tó ti yí padà. Ká ní obìnrin kan nínú ìwé àtijọ́ sọ wẹ́rẹ́ pé, nígbà tí ọkọ òun kú, wọ́n ṣú òun lópó fún àbúrò ọkọ, òun sì ń bá iṣẹ́ òun lọ. Òǹkàwé òde òní á fò dìde: wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́ ni! Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ bẹ́ẹ̀, a gbọ́dọ̀ wá páànù tó ṣí, a gbọ́dọ̀ wá ìkíni tí kò ní ìdáhùn. Bí òǹkọ̀wé bá fi sí i, ìwé náà ló ń bá asọ̀tàn rẹ̀ jà. Bí kò bá sí níbẹ̀, àwa la ń bá ayé ìgbà yẹn jà. Ẹ̀tọ́ wa ni, ṣùgbọ́n ká má gbé e lé asọ̀tàn lórí.

(Nígbà tó kan ìbéèrè, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ ìtàn kúkúrú dìde. Ó ní aṣọ iléèwé náà ti hàn jù, pé òǹkọ̀wé tó gbọ́n á yọ ọ́ kúrò, á fi òtítọ́ pamọ́ títí dé gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Mo bi í pé, nígbà tí wọ́n bá wá tú u síta, kí ni òǹkàwé fẹ́ padà lọ wá nínú ojú ìwé àkọ́kọ́? Ó ní kí ẹnu yà á ló ṣe pàtàkì. Màmá tó jókòó lẹ́yìn ní ẹnu yóò yà á lóòótọ́, àmọ́ kò ní ra ìwé ẹni náà mọ́. A rẹ́rìn-ín, a tú ká.)

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin náà kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo jókòó, mo yọ aṣọ iléèwé kúrò, mo yọ páànù kúrò, mo yọ àwọn ọmọkùnrin tó gbé ẹrù kúrò. Kọ́kọ́rọ́, yàrá ẹ̀yìn àti ìkíni ọjà nìkan ló kù. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń gẹ̀ mí nírun, mo sì kà á fún un bó ṣe ń lo abẹ lọ́rùn mi. Ó gbọ́ ọ dópin, ó nu abẹ náà mọ́ aṣọ.

“Ọmọlúwàbí ni bàbá yìí,” ló wí. “Obìnrin yẹn ni mi ò mọ irú ilé tó ti jáde. Kí ọkọ ilé kí ọ, kó o má dáhùn?”